Ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: báwo ni owó á ṣe máa yí, tí ìròyìn tí a ń kọ á sì jẹ́ òótọ́?

Alábẹ́là Kémta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ kan ní Kémta, l'Ábẹ́òkúta, àwọn alájàpá Ìtọ̀kú la sì ń tà fún jù. Ó ti di ọdún méjì tí a ti ń gba ọmọbìnrin mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwa la tún ń fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, torí ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ ò ní lè máa wá.

Àjọ kan ń fún wa ní ₦2,400,000 lọ́dún fún iṣẹ́ yìí. Ó parí ní Dìsẹ́ńbà. Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé mẹ́ta: bí iṣẹ́ náà ṣe máa dúró tí owó wọn ò bá sí mọ́, àti ohun tó yí padà láyé àwọn ọmọ tí a kọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti fọwọ́ kan ayé ènìyàn 420. Àwọn ọmọ tí a kọ́ wà níbẹ̀, ìyá wọn, àbúrò wọn, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wá wò wá lọ́jọ́ tí a pàtẹ ọjà. Obìnrin tó ń bójú tó wa ní àjọ náà pè mí, ó ní, “Àǹtí, báwo lẹ ṣe rí 420?” Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kọ èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Láfẹ́ńwá

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó kó yín lọ́kàn sókè. Ẹ lọ wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n á yá yín ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ bá ti dá. Mo gba ₦800,000 bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo fi kún ọjà bàtà mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán.

Alábẹ́là Kémta

Ẹ ṣé o, àbúrò mi. Àmọ́ ẹyáwó kọ́ ni mò ń wá. Ẹni tí a ń kọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kò mú owó wọlé tí a fi máa san gbèsè. Bí ìṣírò rẹ̀ ṣe máa dúró ni mo fẹ́ mọ̀.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ìwé owó ni mo fi ọdún púpọ̀ ṣe, mo sì ti jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ bíi tiyín rí. Kí a tó sọ nǹkan kan, ẹ kọ gbogbo iye tó ń wọ inú aṣọ yàrdì márùn-ún kan síbí, kí ẹ kọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń ná lóṣù kódà bí ẹ kò ta ẹyọ aṣọ kan, kí ẹ wá kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ná yín sí ọ̀tọ̀. Ẹ má pa á pọ̀ o. Pípa tí ẹ ń pa á pọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ rí i.

Alábẹ́là Kémta

Ó dáa, sà. Aṣọ funfun ₦7,500. Aró, kọ́sítíìkì àti háídírò ₦2,300. Àbẹ́là ₦700. Owó ọwọ́ oníṣẹ́ ₦2,500. Lílù, lílọ̀ àti ọ̀rá ₦500. ₦18,000 ni alájàpá ń gbà á. Bí a bá ro oṣù pọ̀ mọ́ oṣù, à ń ta bí 80.

Owó ilé ₦60,000 lóṣù, owó oṣù ẹ̀gbọ́n mi tó ń bójú tó ibẹ̀ ₦120,000, igi ìdáná, omi àti iná ₦50,000.

Ti àwọn ọmọ: owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ₦20,000 fún ẹnì kan lóṣù, aṣọ àti aró tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ₦15,000 fún ẹnì kan, a sì ń fún ìyá tó ń kọ́ wọn ní ₦90,000.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká rọra lọ.

Aṣọ kan ń ná yín ní ₦13,500, nítorí náà ₦4,500 ló ń kù nínú ₦18,000. Ṣọ́ọ̀bù ń jẹ ₦230,000 lóṣù. Ẹ pín in: aṣọ 52 ni ẹ gbọ́dọ̀ tà kí ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, láìtíì kọ́ ọmọ kankan. Ọmọ mẹ́fà ní ₦35,000 jẹ́ ₦210,000, fi owó olùkọ́ kún un, ó di ₦300,000. Bí ẹ bá fi ₦4,000 tó lé lórí 52 yẹn kún un, aṣọ 66 mìíràn nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 118, ẹ̀yin sì ń ta 80.

Ohun tó ń wọlé lórí 80 jẹ́ ₦360,000, ohun tó ń jáde jẹ́ ₦530,000. Oṣooṣù ni ihò ₦170,000 wà níbẹ̀, owó àjọ yẹn ló ń dí i. Lọ́dún, ₦2,040,000. Ìyẹn ni pé ó yẹ kí ₦360,000 máa ṣẹ́kù lọ́dọọdún nínú owó tí wọ́n ń fún yín. Ǹjẹ́ ó wà?

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Òwò yín kò wó. Òwò yín ń jèrè ₦130,000 lóṣù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni kò ì tíì rí ẹni tó máa gbé e. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí sínú ètò yín, ẹni tó ń kà á á mọ ibi tí ìṣòro wà gan-an, kò ní rò pé ṣọ́ọ̀bù ń kú lọ.

Alábẹ́là Kémta

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àkáǹtì ni, sà. ₦210,000 ló kù fún ọdún méjèèjì. Àkáǹtì kan náà la ń lò fún ohun gbogbo. Mo mọ ibi tó wọ̀: Jánúárì ọdún yìí, aṣọ 41 péré la tà.

Ọmọ Ìṣàbọ̀

Ẹ lọ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC gẹ́gẹ́ bíi èyí tí kì í pín èrè, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe onídùúró fún, tí kò ní ìpín ìdókòwò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kò ní san owó orí kankan mọ́, àwọn àjọ òkè òkun á sì máa sáré tọ̀ yín wá. Ibẹ̀ lówó á ti wá.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Abala 26 nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fàyè gba irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olùrànwọ́ mìíràn sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ èrè ọjà tí wọ́n bá tà kò sí lára ohun tí òfin owó orí yọ̀ǹda. Àdìrẹ títà, òwò ni. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé Ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n wọn kò ní lè pín èrè kankan mọ́, ohun tí ilé-iṣẹ́ wà fún nìkan ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí. Owó oṣù nìkan ni wọ́n á máa gbà. Ẹni tí ojú owó tirẹ̀ wà nínú ìkòkò aró gbọ́dọ̀ ro ìyẹn dáadáa. Lékè gbogbo rẹ̀, ìwé CAC kò ní dí ihò ₦170,000.

Bàbá Gàárì Ọ̀dẹ̀dá

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwa obìnrin àti ọkùnrin 23 la jọ ní ilé ìdín gàárì, a máa ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn opó ní iye tó ju ti ọjà lọ. Iṣẹ́ rere ni, gbogbo ìwé ìròyìn wa ló dùn. Oníbàárà ńlá kan wá, ó ń kó báàgì 60 lẹ́ẹ̀kan, ó ní lẹ́yìn ọjọ́ 30 lòun á máa sanwó. Ọjọ́ 30 di 75. Lórí ìwé à ń jèrè. Nínú àpótí, kò sí owó tí a fi máa ra ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ ọjà, àwọn opó yẹn gan-an ló padà lọ ta tiwọn lówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá ń ka èrè, Àǹtí, ẹ máa ka ọjọ́ tí owó wọlé pẹ̀lú. Láti ìgbà yẹn a ti ní àkáǹtì kejì, ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí i, a kì í fọwọ́ kàn án fún òwò. Bí ẹ ṣe ń sọ ti Jánúárì yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Aláró Adátán

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún 118 yẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé “a ó tiraka kí a tà tó 118.” Ta ló máa ṣe aṣọ 38 tó lé? Àwọn ọmọ ni.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ rí ní irú ibì kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí pọ̀, oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ta àbẹ́là sára aṣọ tí mo sì ń yọ ọ́ nínú omi gbígbóná. Ọwọ́ mi yá, ẹ̀yìn mi sì gbó. Ṣùgbọ́n mi ò pò aró rí lẹ́ẹ̀kan. Màdáàmù ló ń pò ó, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí a tó dé. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò mi, mo sì mọ̀ pé mo wà nínú iye àwọn tí wọ́n kọ́ láṣeyọrí. Nígbà tí mo délé tí mo po tèmi, mi ò mọ ìwọ̀n háídírò tó yẹ. Aró tó dáa, ẹ wo inú rẹ̀: kì í dúdú. Ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ewé, fíìmù wẹ́rẹ́ kan á léfòó lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fa aṣọ jáde, ewé ló máa jọ, atẹ́gùn á fẹ́ sí i díẹ̀ díẹ̀, á wá di búlúù lójú yín. Tèmi dúdú látinú ìkòkò, mo rò pé ó ti gbó ni. Gbogbo rẹ̀ ló ṣàn lọ nígbà tí mo fi omi ṣàn án. Aṣọ yàrdì mẹ́wàá. Owó tí ìyá mi yá ni.

Àìlèdádúró lẹ ń kọ́ ọmọ nígbà tí ọjà bá ń lé yín. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ “a kọ́ ọmọ mélòó,” ẹ kọ “ọmọ mélòó ló po aró fúnra rẹ̀, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí aṣọ náà kò ṣí lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?” Ìdánwò ọjọ́ kan ni.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa dúró lé. Ohun tí àbúrò wa ṣàpèjúwe ni ohun tó máa ń pa irú iṣẹ́ yìí. Owó á wọlé, ìròyìn á dùn, ohun tí a torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á sì ti jáde lẹ́yìnkùlé. Ẹ kò ní rí i nínú ìwé owó. Ibi tí ẹ ti máa rí i ni wákàtí: ẹ wo iye ọjọ́ tí ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ àti iye tó fi ń ṣe iṣẹ́ oníbàárà. Mo máa kọ òfin kan sínú ètò yín: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà; oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, bó bá ṣe é, kí ó gba owó ọwọ́ rẹ̀ bíi ti oníṣẹ́ yòókù.

Wàyí o, ìròyìn. Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí 420 sinmi. Ẹgbẹ́ mélòó ló ti parí tó pé oṣù mẹ́fà? Mélòó ló bẹ̀rẹ̀, mélòó ló parí, mélòó ló ń rí owó nídìí àdìrẹ báyìí?

Alábẹ́là Kémta

Ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ọmọ 18 ló bẹ̀rẹ̀, 15 parí. Mo pè wọ́n lánàá àti lónìí: 9 ń ṣe àdìrẹ, wọ́n sì ń rí owó níbẹ̀. 3 ń ṣe nǹkan mìíràn. 3 yòókù, nọ́ńbà wọn kò lọ. Ṣé kí n kọ 9 nínú 12 tí mo bá sọ̀rọ̀? Ìyẹn á jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Akọ̀wé Ìbàrà

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. 9 nínú 18. Àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn tí nọ́ńbà wọn kò lọ, gbogbo wọn lẹ ná owó lé lórí. Ẹni tí iṣẹ́ gbè, kì í ṣòro rí. Ẹni tí kò gbè ló máa ń yí nọ́ńbà padà. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, iye yín á dùn torí pé ẹ kò rí àwọn tó kùnà.

Ìbéèrè kan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú 9 yẹn, ta ni ì bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí bí ẹ̀yin kò tilẹ̀ sí?

Alábẹ́là Kémta

Méjì jẹ́ ọmọ aláró. Ìdí ìkòkò ni wọ́n dàgbà sí. Òótọ́ ni, wọn ì bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Akọ̀wé Ìbàrà

Nígbà náà, 7 ni ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ẹgbẹ́ kan ń gba ₦300,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn ₦1,800,000. Ẹgbẹ́ mẹ́ta, ₦5,400,000. Pín in sí 7, ó tó ₦771,000 láti sọ ọmọ kan di ẹni tó ń fi àdìrẹ jẹun, tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ báyẹn. Ẹ kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń rí lóṣù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín àti ohun tó ń rí báyìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye mẹ́ta ti tó: ẹni tó po aró fúnra rẹ̀, ẹni tó ṣì ń rí owó níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti iye tó fi kún owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní ráyè kọ ju mẹ́ta lọ, èyí tí kò bá sì ráyè kọ, àfojúdá ni yóò fi kún un lọ́sẹ̀ tí ìròyìn bá fẹ́ jáde.

Ọmọ Ìṣàbọ̀

₦771,000 lórí ọmọ kan! Ta ni yóò rí iye yẹn tí yóò tún fúnni lówó? Àwọn mìíràn ń kọ ₦5,000 lórí ẹnì kan.

Aláró Adátán

Àwọn yẹn ń ka ẹni tó jókòó lórí àga fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé obìnrin tó béèrè bí wọ́n ṣe rí 420 á gba ₦771,000 gbọ́.

Tí owó bá le, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí 7 nínú 18 di 6 nínú 6 kí ẹ wá máa ṣa ọmọ aláró àtàwọn tó ti níyàá tó lówó. Ìyẹn náà wọ́pọ̀. Iye á gòkè, ọmọ tó nílò yín kò ní wọlé.

Ní ti bí ọjà ṣe lè gbé ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe. Mámà Níkẹ Òkúndayé ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Òṣogbo láìgbowó, ilé àwòrán wọn sì ń ta iṣẹ́ ọnà. Àmọ́ wọn kì í ta gbogbo tiwọn fún alájàpá.

Alábẹ́là Kémta

Nígbà tí àwọn ìjọ àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó bá pè wá fúnra wọn, ₦22,000 la ń tà á. Oníbàárà ló ń san owó gbígbé e. A lè rí 20 lóṣù bẹ́ẹ̀ bí a bá tẹra mọ́ ọn, mi ò rò pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yìí.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ẹ fi sí 20 nígbà náà, kí a má lálàá. Èrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 20 yẹn jẹ́ ₦8,500, ó di ₦170,000. 60 yòókù, ₦270,000. Àpapọ̀ ₦440,000. Yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ₦210,000 ló kù fún ẹ̀kọ́. Aṣọ 80 náà ni o, ẹ kò fi kan kún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Fún ọmọ mẹ́fà, ₦90,000 ṣì kù lóṣù kí ó tó tó. Fún ọmọ mẹ́rin, ẹ̀kọ́ á ná yín ní ₦230,000, ihò náà á ku ₦20,000. Bí wọ́n bá ń fi ìdajì yàrdì kọ́ṣẹ́ dípò odindi aṣọ, kí ₦15,000 di ₦10,000, ihò náà ti dí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àròpọ̀ ọdún ni èyí, Jánúárì kì í ka àròpọ̀. Ọmọ tí ẹ bá gbà, ẹ kò lè lé e lóṣù kẹta. Nítorí náà, ẹ má gba ẹgbẹ́ tuntun àfi bí owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ bá ti wà nínú àkáǹtì kejì tí Bàbá Gàárì sọ. Fún ọmọ mẹ́rin lórí ìdajì yàrdì, ₦630,000 ni. Ẹ bẹ àjọ náà kí ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún yín gbẹ̀yìn jẹ́ èyí, ẹ má sọ pé kí wọ́n tún gbé gbogbo rẹ̀ fún ọdún kan sí i. Mo ti rí i tí àjọ gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí èyí tó kọ̀.

Bàbá Gàárì Ọ̀dẹ̀dá

Mẹ́rin? Ọmọ méjì tí ẹ máa dá padà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Èmi ì bá fi mẹ́fà sílẹ̀, kí n gba ẹgbẹ́ kan lọ́dún dípò méjì.

Akọ̀wé Ìbàrà

Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà, Bàbá, ọmọ mẹ́fà lọ́dún dípò mẹ́jọ. Ìyá olùkọ́ ni ìṣòro: ṣé á dúró dè yín fún oṣù mẹ́fà láìgbowó? Ìyá wa ló mọ̀ ọ́n.

Ará Ìsàlẹ̀ Odò

Gbogbo yín ń ka ohun rere. Mo ń gbé ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń pa láró. Omi tí wọ́n dà nù ń gba gọ́tà iwájú ilé mi kọjá, lọ́jọ́ kan búlúù, lọ́jọ́ kejì pupa, òórùn háídírò á gba gbogbo ilé. Ṣé ìyẹn náà máa wọ ìròyìn yín? Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ńkọ́, ọwọ́ lásán kọ́ ni wọ́n fi ń wọ inú kọ́sítíìkì?

Alábẹ́là Kémta

Ẹ ní ẹjọ́ mi lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, kọ́sítíìkì jó ọmọ kan ní ìgbòǹwọ́ nítorí pé ìbọ̀wọ́ wa kúrú, ó mọ ní ọrùn ọwọ́. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Màá kọ ọ́ sínú ìròyìn yìí, màá fi iye aró tí a ń dà nù lọ́sẹ̀ sí i. Ibi tí a ó máa dà á sí ni mi ò tíì mọ̀. Ilẹ̀ tí a wà kò gba kòtò.

Mo tún rí ọ̀kan nínú mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn kò lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún mi. Ṣágámù ló wà, ó ń ta oúnjẹ. Kò ṣe àdìrẹ mọ́, ó ní òun ò rí ojú owó ìkòkò àkọ́kọ́. 9 nínú 18 ló ṣì jẹ́. Mo bi ìyá olùkọ́ wa pẹ̀lú, ó ní òun kò lè jókòó oṣù mẹ́fà, nítorí náà mẹ́rin la máa gbà, lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, kì í ṣe ní Jánúárì. Ọ̀la ni mò ń lọ ṣí àkáǹtì kejì. Àwọn mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ wa báyìí á po aró fúnra wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi kò ní wọlé títí wọ́n á fi ṣe tán.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbòǹwọ́ ní Kútọ̀ tàbí Ìtọ̀kú, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí. Méje ni mo nílò kí Ẹtì tó pé.